Ọmọ ń tẹ̀ ẹ́ bọ́ sílù, géèmù ní kò bọ́ sí i

Ìyá Aláró, Òkè-Fíà

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, fẹ́ràn géèmù olórin, irú èyí tí wọ́n ń tẹ ọfà tẹ̀ lé ìlù. Páàdì oníwáyà lásán ló ní. Kò ní gìtá oníke, kò ní pátákó ijó. Ó gbé géèmù kan tó ń jẹ́ StepMania sórí láàpútọ́ọ̀pù àtijọ́ bàbá rẹ̀, ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n pálọ̀. Mo jókòó tì í, etí mi gbọ́ pé ó ń tẹ̀ ẹ́ bọ́ sílù, àmọ́ ojú géèmù kì í sọ ju Good lọ, ìgbà mìíràn Miss ni. Ó ti fẹ́ pa á tì. Ṣé ká pààrọ̀ páàdì ni, àbí géèmù mìíràn wà tó bá páàdì lásán mu?

---

Ọ̀gá Géèmù, Ọlá-Ìyá

Páàdì ni, Màmá. Mo ní ṣọ́ọ̀bù géèmù, ojoojúmọ́ ni mo ń rí i. Àwọn páàdì olówó pọ́ọ́kú yẹn kì í gbé ọ̀rọ̀ dé kíákíá. Ẹ ra ojúlówó, gbogbo rẹ̀ á tán. Bí owó ò bá sí, ẹ wá géèmù oníbọ́tìnnì kan fún un. Rhythm Doctor wà, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀, orí ìlù keje ni wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́. A Dance of Fire and Ice náà ò gbà ju bọ́tìnnì kan lọ. Owó ni wọ́n fi ń ra àwọn méjèèjì o, StepMania ní tiẹ̀ ọ̀fẹ́ ni.

---

Àǹtí Kọ́ọ̀sì

Ẹ mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ dùùrù. Ọmọ tí etí rẹ̀ mọ ìlù báyẹn, nínú ẹgbẹ́ akọrin ló yẹ kó wà. Ọmọ tèmi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 11, òun ló ń tẹ dùùrù fún wa lọ́jọ́ ìsinmi báyìí.

---

Atúnṣe, Alẹ́kúwodò

Àǹtí, ọ̀rọ̀ yín dára, àmọ́ géèmù ni Màmá béèrè. Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ ká má tíì rán wọn lọ sọ́jà. Ìyá Aláró, ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni ohùn orin náà ti ń jáde? Ṣé láti ẹnu tẹlifíṣọ̀n ni, àbí láàpútọ́ọ̀pù, àbí sípíkà ọ̀tọ̀?

---

Ìyá Aláró, Òkè-Fíà

Sípíkà kékeré tó ń gba bulutúùtù ni. Ohùn tẹlifíṣọ̀n wa ò dún dáadáa mọ́.

---

Atúnṣe, Alẹ́kúwodò

Ibẹ̀ ni wàhálà wà, mà. Ẹ má ra páàdì.

Bí orin bá kúrò nínú láàpútọ́ọ̀pù, tó gba afẹ́fẹ́ lọ bá sípíkà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di ìdì, kó rìn, kí sípíkà tó tú u kó tó dún. Ìrìn yẹn sábà máa ń gba mìlísẹ́kọ́ńdì 150 sí 200. Ẹ pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sọ́nà márùn-ún, ìpín kan nínú rẹ̀ ni 200 yẹn. Bí ẹ bá ń gbọ́ orin lásán, ẹ ò lè mọ̀. Àmọ́ ọmọ yín ń tẹ̀ lé ohun tí etí rẹ̀ gbọ́, ohun tí etí rẹ̀ sì gbọ́ ti pẹ́ kó tó dé. Géèmù ti kọjá ìlù yẹn nígbà tí ọmọ náà gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yin méjèèjì fi gbọ́ ọ pé ó bọ́ sí i. Òótọ́ ni, ó bọ́ sí èyí tí ẹ gbọ́.

Ẹ wo bí StepMania ṣe ń dájọ́ bí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ láàárín mìlísẹ́kọ́ńdì 45 sí ìlù, yálà ṣáájú tàbí lẹ́yìn, ó kéré tán, á ní Perfect. Bó bá kọjá ìyẹn tí kò ju 90, Great ni. Bó bá tó 135, Good ni. Tó bá wá ju ìyẹn lọ, ó ti ń lọ sí Miss nìyẹn. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ gún régé, tí ohùn fi 150 pẹ́ sí, kò lè rí Perfect láé. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣèèṣì yá díẹ̀ ló máa rí Good. Ohun tí ẹ rí gan-an nìyẹn.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ dájú nìyí, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ yọ wáyà tẹlifíṣọ̀n, ẹ pa sípíkà. Kó lo ojú láàpútọ́ọ̀pù, kó sì ki íàpíìsì oníwáyà bọ ìdí rẹ̀. Kó yan orin kan tó ti mọ̀ dáadáa, èyí tó rọrùn, kó gbá a lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ ka iye Perfect. Lẹ́yìn náà, ẹ so tẹlifíṣọ̀n padà, àmọ́ kí íàpíìsì ṣì wà nídìí láàpútọ́ọ̀pù. Bí ẹ bá ti ki wáyà HDMI bọ̀ ọ́, ohùn lè sá lọ sínú tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ tẹ àwòrán sípíkà nísàlẹ̀ ojú láàpútọ́ọ̀pù, kẹ́ ẹ fi ohùn padà sí íàpíìsì. Kó gbá orin kan náà. Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá yí méjì pa pọ̀, ẹ ò ní mọ èwo ló jẹ̀bi.

---

Ọ̀gá Géèmù, Ọlá-Ìyá

Mo gbà nípa sípíkà, n ò ronú kàn án. Àmọ́ ṣé páàdì ò ní ẹ̀bi kankan ni? Mo ti gbá ojúlówó, mo ti gbá ayédèrú, mo mọ̀ pé ọwọ́ mi ń rí ìyàtọ̀.

---

Atúnṣe, Alẹ́kúwodò

Ọwọ́ yín rí nǹkan lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ìpẹ́ ni. Páàdì oníwáyà, bó ti wù kó kéré lówó tó, nǹkan bíi mìlísẹ́kọ́ńdì 8 sí 10 ló fi ń jíṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi wé 150 ti bulutúùtù. Ohun tí ọwọ́ yín ń rí lára ayédèrú ni ike àti rọ́bà inú rẹ̀: bọ́tìnnì tó máa ń lẹ̀, tàbí tó ń ka ẹ̀ẹ̀mejì nígbà tí ẹ tẹ ẹ̀ẹ̀kan. Ìyẹn tún yàtọ̀, ó sì ní bí wọ́n ṣe ń dá a mọ̀. Ìpẹ́ ohùn máa ń fa gbogbo ìtẹ̀ sẹ́yìn dọ́gbadọ́gba. Rọ́bà tó ti gbó máa ń ba bọ́tìnnì kan jẹ́, ó máa ń fi àwọn yòókù sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ọfà òsì nìkan ló ń Miss, ẹ tú páàdì, ẹ fi òwú tí a rẹ sínú sípírítì nu ojú dúdú tí rọ́bà ń tẹ̀.

---

Ọ̀gá Géèmù, Ọlá-Ìyá

Ó yé mi. Èmi náà ní ohun tí mo mọ̀, tẹlifíṣọ̀n. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí èyí tó tóbi jù máa ń ṣàròyé pé bọ́ọ̀lù ò gbọ́ràn. Mo wọ inú ètò àwòrán rẹ̀, mo rí Game Mode, mo tan án. Ọjọ́ náà ni ẹjọ́ tán. Tẹlifíṣọ̀n tó ń ṣe àwòrán lóge máa ń dá àwòrán dúró kó tó gbé e jáde. Màmá, ẹ wá a nínú tiyín.

---

Ọmọ Onílù

Kí ló dé tí gbogbo yín ń wo ojú tẹlifíṣọ̀n? Ìdílé onílù ni wọ́n bí mi sí. Ẹni tó bá ń wo ọwọ́ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kó tó lu tirẹ̀ ti pẹ́ nìyẹn. Ẹ ní kí ọmọ náà di ojú, kó gbọ́ orin náà títí á fi wọ̀ ọ́ lára, kó tó máa wo ọfà. Bí mo ṣe ń gbá a nìyẹn, mo sì ń rí Perfect lórí tẹlifíṣọ̀n tí kò ní Game Mode kankan.

---

Atúnṣe, Alẹ́kúwodò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ rí i nítorí pé ohùn tiyín ò pẹ́. Bí ẹ bá di ojú tẹ̀ lé ohùn tó pẹ́, àṣìṣe á kàn dúró gbọin-in ni. Àmọ́ ẹ gba ibì kan: ẹni tó ń fi etí gbá a kì í fi bẹ́ẹ̀ níṣòro tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó ń wo ọfà ló ń jìyà rẹ̀.

---

Bọ̀dá Ìlobùú

Èmi ò ní kọ̀ǹpútà o. Fóònù ni tèmi, íàpíìsì tí kò ní wáyà ni mo sì ń lò. Mo rí ibì kan nínú géèmù mi tí wọ́n ti ń yí ìpẹ́ padà, mo sún un sí 180, ó dáa. Kí ló dé tí Màmá ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ kí sípíkà rẹ̀ máa dún lọ?

---

Atúnṣe, Alẹ́kúwodò

Ó ṣeé ṣe, n ò ní purọ́. StepMania náà ní ibẹ̀. Àmọ́ ìpẹ́ bulutúùtù kì í dúró sójú kan. Ẹ pa á lálẹ́, ẹ tan án láàárọ̀, ó lè ti yí padà. Ẹ gbé fóònù kúrò nítòsí, ó tún lè yí. Bí tiyín bá dúró sí 180 lójoojúmọ́, ẹ máa lò ó. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ni mi ò fẹ́ fi sórí ilẹ̀ tó ń mì.

Ìgbà tí ohùn bá ti wá láti inú wáyà ni kí wọ́n wá fi géèmù tún èyí tó kù ṣe. Màmá, ẹ ní kó bẹ̀rẹ̀ orin, kó tẹ F6 lẹ́ẹ̀mejì títí yóò fi rí AutoSync Machine lójú rẹ̀. Lórí láàpútọ́ọ̀pù mìíràn ó gbọ́dọ̀ di Fn mú. Kó máa gbá a lọ bó ṣe ń gbọ́ ọ, kó má lé ọfà, kó tẹ̀ lé ìlù. Géèmù á kó ìtẹ̀ 24 jọ, á wo ibi tí wọ́n pọ̀ sí, á sún ara rẹ̀ lọ bá ọwọ́ rẹ̀. Bí ọwọ́ bá fọ́n káàkiri, géèmù á kọ̀, á ní òun ò ní yí ohunkóhun. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ràn nínú rẹ̀: ó ń sọ fún yín bóyá ẹ̀rọ ló pẹ́ tàbí ọwọ́ ni kò tíì gún. Orin tó bá géèmù náà wá ni kó fi ṣe é, kó má fi èyí tí ọ̀rẹ́ kan kàn gbé fún un ṣe é, torí orin yẹn fúnra rẹ̀ lè má bọ́ sí i.

---

Ìyá Aláró, Òkè-Fíà

Ẹ kú àdúrótì. A ṣe é lálẹ́ àná, mo fi aṣọ aláró sílẹ̀ nínú omi, mo jókòó tì í pẹ̀lú bírò.

Orin kan tó ní ọfà 112 la lò. Pẹ̀lú sípíkà: Perfect 3, Great 9, Good 41, ìyókù kò dáa rárá. A yọ ọ́, a lo íàpíìsì ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ní wáyà, ojú láàpútọ́ọ̀pù nìkan: Perfect 71. Ọmọ náà pariwo, bàbá rẹ̀ jí. A so tẹlifíṣọ̀n padà, ó wá sí 52. A wá Game Mode, a rí i, abẹ́ ètò àwòrán ni wọ́n fi pa mọ́ sí. A tan án, ó di 66. F6 ò kọ̀, ó gbà á.

Ọ̀kan ló kù. Níbi tí ọfà òsì àti ọfà ọ̀tún bá ti jọ wá lẹ́ẹ̀kan náà, kò rí i tẹ̀ rí. Ó ní òun tẹ méjèèjì. Mo wo àtàǹpàkò rẹ̀ dáadáa: ó fi í lélẹ̀ láàárín bọ́tìnnì alágbèélébùú yẹn, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò sí èyí tó kà nínú méjèèjì.

---

Ọ̀gá Géèmù, Ọlá-Ìyá

Ahá! Páàdì nìyẹn, mo sọ ọ́.

---

Atúnṣe, Alẹ́kúwodò

Ẹ jàre níbẹ̀, Ọ̀gá mi, àmọ́ ojúlówó pàápàá ò lè ṣe é. Ike kan ṣoṣo ni alágbèélébùú yẹn, ó dúró lórí ìdí kan láàárín bí ìjókòó jàǹgìlófà. Bí òsì bá wọlẹ̀, ọ̀tún á gbéra. Kò sí ọwọ́ tó lè tẹ òsì àti ọ̀tún pa pọ̀ lórí rẹ̀. Òsì àti òkè lè ṣeé ṣe, torí wọ́n fara kan ara wọn.

Wọ́n ti rí ojútùú rẹ̀ tipẹ́. Nígbà tí Konami gbé Dance Dance Revolution jáde ní 1998, orí pátákó ni wọ́n ti ń jó o. Nígbà tó dé orí PlayStation, wọ́n mọ̀ pé ilé mìíràn ò ní pátákó, wọ́n wá jẹ́ kí bọ́tìnnì mẹ́rin apá ọ̀tún páàdì náà máa ṣe iṣẹ́ ọfà. Bọ́tìnnì òkè jẹ́ ọfà òkè, ti ọ̀tún jẹ́ ọ̀tún, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ ìsàlẹ̀, ti òsì jẹ́ òsì. Ọfà kọ̀ọ̀kan wá ní ibi ìtẹ̀ méjì.

Kó wọ inú Options StepMania, kó wá Config Key/Joy Mappings. Á rí ọfà mẹ́rin pẹ̀lú àyè tó ju ọ̀kan lọ fún ìkọ̀ọ̀kan. Kó fi alágbèélébùú sí àyè kan, kó fi bọ́tìnnì apá ọ̀tún sí èkejì. Bí òsì àti ọ̀tún bá jọ dé, àtàǹpàkò òsì á tẹ òsì lórí alágbèélébùú, àtàǹpàkò ọ̀tún á tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún. Bí ọfà kan náà bá ń wá léraléra, àtàǹpàkò méjèèjì lè máa gbà á fún ara wọn. Ó máa gbà á tó ọ̀sẹ̀ kan kí orí tó gbà á, torí ọwọ́ òsì á fẹ́ máa dá ṣe gbogbo rẹ̀.

---

Ọ̀gá Géèmù, Ọlá-Ìyá

Èmi ṣì rò pé kíbọọ̀dù sàn jù. Ìka mẹ́rin, ọfà mẹ́rin, kò sí ìjà. Àwọn tó gbóná nínú irú géèmù yìí, kíbọọ̀dù ni wọ́n ń lò.

Atúnṣe, Alẹ́kúwodò

Fún eré kíákíá, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ láàpútọ́ọ̀pù wà nídìí tẹlifíṣọ̀n, ọmọ wà lórí àga. Ẹ jẹ́ kó gbá a bó ṣe tù ú lára.

---

Ọmọ Onílù

Mo fẹ́ béèrè tèmi báyìí. Mo fi fóònù gba ohùn àwọn àgbà wa nígbà tí wọ́n ń lu dùndún, mo fẹ́ sọ ọ́ di orin nínú géèmù yìí. Mo to ọfà sí i, ìbẹ̀rẹ̀ dùn, àmọ́ kó tó ìṣẹ́jú kan gbogbo rẹ̀ ti sá kúrò lórí ìlù. Ìlù òyìnbó nìkan ni wọ́n ṣe é fún ni?

---

Atúnṣe, Alẹ́kúwodò

Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ìlù tí ènìyàn fọwọ́ lù máa ń yára, ó sì máa ń falẹ̀ díẹ̀díẹ̀, géèmù sì gba ìyára kan ṣoṣo tí ẹ fún un gbọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ kọ 120 ìlù láàárín ìṣẹ́jú kan, àmọ́ 119.5 ni àwọn àgbà ń lù. Ìyàtọ̀ tó wà nínú ìlù kan ò ju nǹkan bíi mìlísẹ́kọ́ńdì 2 lọ, etí ò lè gbọ́ ọ. Àmọ́ ó ń kó jọ. Tó bá fi máa di ìlù 22, ẹ ti jáde nínú Perfect. Ní ìlù 65, lẹ́yìn bí ìdajì ìṣẹ́jú, ẹ ti jáde nínú Good.

Ẹ lè sọ fún un ibi tí ìyára ti yí padà. Ẹ ṣí fáìlì tí ọfà orin náà wà nínú rẹ̀, irú ìlà yìí wà níbẹ̀:

```
#BPMS:0.000=120.000,64.000=119.500,128.000=121.200;
```

Ó ń sọ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ kó máa lọ ní 120, tó bá di ìlù 64 kó di 119.5, tó bá di 128 kó di 121.2. Ẹ ó máa gbọ́ ọ, ẹ ó máa tún un ṣe, ìlù 32 sí 32. Iṣẹ́ ni.

---

Ọmọ Onílù

Iṣẹ́ ọ̀hún ò bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n èwo ni kí n tẹ̀ lé? Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, ó ń pe oríkì, kò dúró síbì kan.

Mo tún rò ó lẹ́yìn tí mo kọ èyí. Gúdúgúdú ni. Òun ló ń lu nǹkan kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun làwọn yòókù ń gbẹ́kẹ̀ lé. Tí mo bá fi ọfà sórí gúdúgúdú, ìyáàlù á máa sọ tirẹ̀ lókè.

---

Atúnṣe, Alẹ́kúwodò

Ẹ ti rí i. Ohun kan péré ni mo fẹ́ fi kún un: nínú ibi tí wọ́n ti ń to ọfà, géèmù máa ń pín ìlù kan sí méjì tàbí mẹ́rin. Ìlù wa sábà máa ń pín in sí mẹ́ta. Ẹ yí i sí 12th, ọfà á sì bọ́ síbi tí gúdúgúdú ti dún. Bí ẹ bá fi 16th ṣe é, á máa sún mọ́ ọn, kò ní bá a.

Ọ̀gá Géèmù, Ọlá-Ìyá

Ta ló máa gbá a? Àwọn ọmọ tó ń wá sọ́dọ̀ mi, orin tó ń jáde lọ́sẹ̀ yìí ni wọ́n fẹ́. Orin tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe, ìyára kan ṣoṣo, wákàtí kan ẹ ti tò ó tán. N ò rí ìdí tí ẹ máa fi ya oṣù kan sọ́tọ̀ fún dùndún.

Ọmọ Onílù

Nítorí pé kò sí níbẹ̀.

---

Ìyá Aláró, Òkè-Fíà

Ọmọ náà ló jókòó tì mí báyìí, òun ló ní kí n kọ ọ́. Ó ní ọwọ́ òun ti ń gba bọ́tìnnì ọ̀tún díẹ̀díẹ̀, òun rí òsì àti ọ̀tún pa pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà nínú mẹ́wàá lónìí. Ó ní kí Ọmọ Onílù ẹ jọ̀ọ́ fi gúdúgúdú yẹn ránṣẹ́ bó bá ti tò ó dé ìdajì, kó má dúró dìgbà tó bá parí. Ó tún ń béèrè bóyá íàpíìsì oníwáyà tó gùn wà ní Alẹ́kúwodò, nítorí èyí tó ń lò ò jẹ́ kó lè dé orí àga.

Atúnṣe, Alẹ́kúwodò

Kó má ra tuntun. Wáyà àsopọ̀ wà, èyí tí wọ́n ń ki bọ ìdí íàpíìsì kó lè gùn sí i. Kó wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Sátidé, kó mú páàdì náà dání, n óò bá a nu rọ́bà inú rẹ̀.